Bí ìtumọ̀ bá gan, ẹjọ́ Yorùbá kọ́

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Mo ti ka ìwé ìpolówó ilé iṣẹ́ yín láti òkè dé ìsàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ àti Yorùbá tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí. Òótọ́ lẹ sọ nínú lẹ́tà yín, Yorùbá rẹ̀ gan. Ẹni tó bá ń kà á á mọ̀ pé Yorùbá ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jà tàbí nílé. Ibi tí mi ò ti bá yín gbà ni ohun tí ẹ fi kádìí lẹ́tà yín. Ẹ ní ẹ ti fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan wé ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ rí i pé wọ́n bára mu, nítorí náà ìtumọ̀ yẹn pé. Ẹ ní bóyá èdè Yorùbá ni kò gba ọ̀rọ̀ okòwò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bíbára mu tí ẹ rí yẹn gan-an ló sọ ọ́ di gígan.

Ẹ jẹ́ ká mú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ wò. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ilé iṣẹ́ wa jẹ́ olùpèsè àwọn ojútùú iná oòrùn tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, èyí tí a ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ láti bá àìní àwọn oníbàárà wa pàdé. Nípasẹ̀ ètò ìsanwó wa tí ó rọrùn, àwọn oníbàárà ni a fún ní agbára láti ní àǹfààní sí iná tí kò ní ìdádúró."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, àmì ohùn rẹ̀ náà sì pé. Ibi tí wàhálà wà ni ẹni tó gbé ẹrù gbólóhùn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ orúkọ ló máa ń gbé e. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìṣe ni, a sì máa ń tò wọ́n tẹ̀ léra bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀: wọ́n rà á, wọ́n gbé e wálé, wọ́n tò ó, wọ́n tan iná. Bí ògbufọ̀ bá fi ọ̀rọ̀ orúkọ dípò ọ̀rọ̀ orúkọ, dandan ni kó wá ohun tó máa fi so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni "jẹ́", "èyí tí" àti "nípasẹ̀" ti ń wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dára láyè ara rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n bá kún ìpínrọ̀ kan, a ò ní rí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe nǹkan kan mọ́.

Ẹ tún wo "àwọn oníbàárà ni a fún ní agbára". Ògbufọ̀ fẹ́ kí oníbàárà ṣáájú gbólóhùn bó ṣe ṣáájú nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó wá lo "ni". Ṣùgbọ́n ohun tí "ni" ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Létí Yorùbá, ohun tí gbólóhùn yẹn sọ ni pé oníbàárà la fún, a ò fún ẹlòmíì. Kò sí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yín. Gbólóhùn tó bá Gẹ̀ẹ́sì mu lẹ́sẹẹsẹ ti wá sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ò sọ. Ìdí nìyí tí mo fi ní bíbára mu kọ́ ni ìwọ̀n òótọ́.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tó dá mi dúró jù ni "àwọn ojútùú". Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ọ́ kó má sọ ohun tí ẹ ń tà ní pàtó, kó sì máa dún dáadáa. Bí Yorùbá bá gbọ́ pé ẹnì kan ní ojútùú, á bi í pé: ojútùú sí kí ni? Kí lẹ máa ṣe fún mi bí mo bá sanwó? Ìdáhùn ò sí nínú ìwé náà, ni mo bá pe ẹni tí ẹ ní kí n máa bá sọ̀rọ̀. Ó ní pánẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti ìnfátà lẹ ń tà. Pé ẹ máa ń lọ sílé oníbàárà láti wo iye iná tó ń lò kí ẹ tó sọ èyí tó máa gbé e. Pé òṣìṣẹ́ yín ló ń tò ó. Pé èèyàn sì lè máa san án lóṣooṣù. Mo wá kọ ọ́ báyìí:

"Sólà tó ṣeé gbọ́kàn lé la ń tà. A ó wá wo iye iná tí ẹ ń lò nílé, ká lè bá yín to èyí tó máa gbé e. Kò di dandan kí ẹ san gbogbo owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lè máa san án díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Iná yín ò ní máa lọ kó tún máa bọ̀."

Kò ṣe é fi wé ti Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn sí gbólóhùn mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ yín ń ṣe ló sọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń kọ mí lóminú, ó sì yẹ kí ẹ gbé e yẹ̀ wò. "Iná tí kò ní ìdádúró" lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má fura. Tí a bá ti sọ ọ́ báyìí, ìlérí ni, àwọn èèyàn á sì bi yín nígbà òjò, tí oòrùn ò bá ràn dáadáa tí bátìrì ò sì kún. Bí ẹ ò bá lè dúró tì í, ẹ jẹ́ ká kọ iye wákàtí tí bátìrì lè gbé iná. Èmi kọ́ ló yẹ kí n fi ìlérí kún ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì gbọ́dọ̀ dín in kù láìsọ fún yín.

Ẹ má dá ògbufọ̀ yẹn lẹ́bi jù. Ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ṣiṣẹ́ máa ń gé ìwé sí wẹ́wẹ́ níbi tí àmì ìdánudúró bá wà, á fi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, a ó sì máa kọ ìtumọ̀ sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ó wúlò, nítorí ó ń rántí ohun tí a ti túmọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣòro fún ẹni tó jókòó tì í láti pa gbólóhùn méjì pọ̀ tàbí láti gbé ti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ohun kejì tó fà á ni ọ̀nà tí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ní kí ẹlòmíì tú Yorùbá náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sì fi méjèèjì wéra. Ọgbọ́n yẹn ò burú. Onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá kan, Richard Brislin, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1970 fún àwọn tó ń fi ìwé ìbéèrè ṣèwádìí láàárín èdè oríṣiríṣi, níbi tó ti ṣe pàtàkì kí ìbéèrè má yàtọ̀. Fún ìwé ìpolówó, ó máa ń gbè sẹ́yìn ẹni tó tẹ̀ lé Gẹ̀ẹ́sì jù. Ìpínrọ̀ tó gan yẹn á padà di Gẹ̀ẹ́sì yín wẹ́kú, tèmi á sì dà bíi pé mo ti yà kúrò lọ́nà.

Ibì kan wà tí mi ò ní fọwọ́ kàn lọ́nà yìí, ìyẹn ojú ìwé tó kẹ́yìn: àdéhùn, iye oṣù tí ẹ fi dúró fún bátìrì, ohun tó lè ba àdéhùn jẹ́, àti àwọn nọ́ńbà wáàtì. Níbẹ̀, kí gbólóhùn máa tẹ̀ lé gbólóhùn, kí ẹ tú u padà kí ẹ fi wéra, kódà bó bá tiẹ̀ gan díẹ̀.

Fún ojú ìwé tó kù, ẹ pe ẹnì kan tí kò rí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rí, ẹni tí ẹ fẹ́ kó ra sólà gan-an. Ẹ kà á sí i létí lẹ́ẹ̀kan, kó má wo ìwé, kó wá sọ ohun tó gbọ́ fún yín. Bó bá lè sọ ohun tí ẹ ń tà, ẹni tó máa tò ó àti bí òun ṣe máa sanwó, ìtumọ̀ náà ti ṣiṣẹ́. Bó bá ní "ó dára, àmọ́ kí lẹ ń tà gan-an?", ẹ fàmì sí gbólóhùn tó ti sọ nù, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye wákàtí bátìrì yẹn. Mi ò ní lè parí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ láìjẹ́ pé mo rí i.