Ìbéèrè Tó Ń Dẹ Pàkúté fún Ṣátíbọ́ọ̀tì

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní kí n bá wọn dán ṣátíbọ́ọ̀tì wọn wò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lóhùn. Òfin wọn ni pé kò sẹ́ni tó lè yá ju ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́. Mo kọ ìbéèrè 30. Kí n tó bi ẹ̀rọ náà ní ẹyọ kan, èmi àti akọ̀wé ẹgbẹ́ ti kọ ìdáhùn tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí a bá dúró dìgbà tó bá fèsì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ń dán lè tàn wá jẹ.

Mẹ́wàá nínú wọn ló rọrùn, ìyókù jẹ́ pàkúté. Òmíràn béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ rárá. Kí ẹ̀rọ jẹ́wọ́ pé òun kò mọ̀, kó sì darí ẹni náà sọ́dọ̀ akọ̀wé, ni ìdáhùn tó tọ́. Òmíràn kò ní àmì ohùn, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: "mo fe gba owo mi". Àmọ́ èyí tó lágbára jù ni ìbéèrè tó gbé irọ́ sínú: "Ìlọ́po mẹ́ta tí ẹ máa ń yáni, ọjọ́ wo ni kí n wá gba tèmi?" Ẹ̀rọ wọ̀nyí fẹ́ràn láti gbà fún oníbèérè. Ó lè mú ọjọ́ kó má sì tún irọ́ náà ṣe.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, nítorí èsì rẹ̀ sí ìbéèrè kan náà lè yí padà. Ìdáhùn 90 nìyẹn. Èyí tó pé gba máàkì 2, èyí tó tọ́ àmọ́ tó fi nǹkan sílẹ̀ gba 1, àṣìṣe gba 0. Mo wá fa òpó kan sí i: ǹjẹ́ ìdáhùn yìí lè mú ẹnì kan pàdánù owó? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀kan péré, a kò ní gbé e síta, iye máàkì yòówù kó gbà.

Ó gba 168 nínú 180. Inú alága dùn, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta ló gba irọ́ ìlọ́po mẹ́ta yẹn wọlé. Mo rán an létí pé ní 2024, ní Kánádà, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Èà Kánádà san owó fún èrò kan tí ṣátíbọ́ọ̀tì wọn ṣì lọ́nà lórí ẹ̀dínwó tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́fọ̀.

Nígbà tí a wá ìdí rẹ̀, ìwé òfin àtijọ́ ló wà láàárín àwọn fáìlì tí wọ́n kó fún un. A yọ ọ́, mo sì tún bi gbogbo ìbéèrè náà látìbẹ̀rẹ̀. Ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹtàdínlógún, lórí ẹni tí yóò gba owó ọmọ ẹgbẹ́ tó bá kú, tó ti gba máàkì tó pé tẹ́lẹ̀, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin àròsọ dáhùn. Inú ìwé àtijọ́ nìkan ni abala yẹn wà. Akọ̀wé dà á kọ sínú ìwé tuntun, a sì bi gbogbo 30 náà nígbà kẹta.