Bí WITH RECURSIVE Ṣe Wọ Inú SQL

Àwọn tó ti pẹ́ nídìí dátábéèsì Oracle mọ àtẹ kan tó ń jẹ́ EMP. Ìlà mẹ́rìnlá péré ló wà nínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ kan sí ìlà kan. Nọ́ńbà òṣìṣẹ́ wà lábẹ́ EMPNO, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ ENAME, nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀ sì wà lábẹ́ MGR. KING ni ọ̀gá pátápátá. MGR tirẹ̀ ṣófo, torí kò sẹ́ni tó wà lókè rẹ̀. JONES, BLAKE àti CLARK ló ń jíṣẹ́ fún un. SCOTT àti FORD wà lábẹ́ JONES, ADAMS wà lábẹ́ SCOTT, SMITH sì wà lábẹ́ FORD.

Olúkúlùkù mọ ọ̀gá tirẹ̀ nìkan. Kò síbì kan tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ADAMS wà lábẹ́ KING. Ó dà bí agbo ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti mọ baba tó bí i, àmọ́ tí kò sẹ́ni tó kọ ìtàn ìdílé náà sílẹ̀. Tó o bá fẹ́ mọ gbogbo àrọ́mọdọ́mọ baba ńlá, ìran kan lẹ́yìn òmíràn ni wàá máa bi léèrè, o ò sì mọ iye ìran tó wà kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí SQL kò lè ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Edgar Codd ti IBM ní San Jose ló gbé èrò pé ká fi àtẹ tọ́jú ìsọfúnni kalẹ̀ lọ́dún 1970. Lọ́dún 1974, Donald Chamberlin àti Raymond Boyce, àwọn náà ní IBM, gbé èdè tó wá di SQL jáde. Èdè náà lè ṣa ìlà, ó lè yan òpó, ó lè so àtẹ kan mọ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ kan péré ni ìsopọ̀ kan ń gbé ọ. So EMP mọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wàá rí àwọn tó wà lábẹ́ KING gan-an. Fi ìsopọ̀ kejì àti ẹ̀kẹta kún un, wàá dé ọ̀dọ̀ ADAMS. Bí ADAMS bá wá gba ọmọọṣẹ́ kan lọ́la, ìbéèrè rẹ ò ní rí onítọ̀hún, kò sì ní sọ fún ọ pé ẹnì kan ṣẹ́ kù. Mo ti kọ irú ẹ̀ rí fún ìsọ̀rí ọjà ilé ìtajà kan: ìsopọ̀ márùn-ún, ó sì tó nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìsọ̀rí tó tún jìn sí i, ọjà inú rẹ̀ kò hàn nínú ìròyìn títà, kò sì sí àṣìṣe kankan tí kọ̀ǹpútà kéde. Owó tí kò bára mu ló tú u fó.

Àwọn kan lè rò pé àìmọ̀ọ́ṣe ló fà á, pé ẹni tó bá gbọ́n tó á rí ọgbọ́n ta sí i. Lọ́dún 1979, Alfred Aho àti Jeffrey Ullman fi hàn pẹ̀lú ẹ̀rí ìṣirò pé irinṣẹ́ tí Codd kó jọ kò lè ṣe é rárá, bó ti wù kéèyàn tò wọ́n pọ̀. Ohun tí wọ́n dábàá ni pé kí wọ́n fi nǹkan kan kún èdè náà tí yóò máa tún iṣẹ́ kan náà ṣe títí tí ohun tuntun ò fi ní jáde mọ́.

Ọdún 1979 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ tó wá di Oracle gbé dátábéèsì tó kọ́kọ́ tà jáde. Wọ́n ti fi CONNECT BY sínú rẹ̀:

```sql
SELECT LEVEL, ename FROM emp
START WITH mgr IS NULL
CONNECT BY PRIOR empno = mgr;
```

START WITH sọ ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀, PRIOR ń tọ́ka sí ẹni tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ lókè. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, mo sì fẹ́ràn bó ṣe kúrú. Àmọ́ ti Oracle ni, kì í ṣe ti SQL. Ó gba ogún ọdún kí ìlànà gbogbogbòò, èyí tí wọ́n ń pè ní SQL:1999, tó gbà pé kí ìbéèrè máa pe orúkọ ara rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ tó ń lo èdè Datalog ti ṣiṣẹ́ lórí bí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ṣe lè yára, IBM sì ti ń lò ó nínú DB2. Bá a ṣe ń kọ ọ́ nìyí:

```sql
WITH RECURSIVE igi AS (
  SELECT empno, ename, 1 AS ipele
  FROM emp WHERE mgr IS NULL
  UNION ALL
  SELECT e.empno, e.ename, i.ipele + 1
  FROM emp e JOIN igi i ON e.mgr = i.empno
)
SELECT * FROM igi;
```

Apá tó wà lókè UNION ALL máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré: ó mú KING wá. Apá ìsàlẹ̀ ló ń yí po. Níbi tó ti pe igi, kì í ṣe gbogbo ohun tá a ti kó jọ ló ń rí, àwọn tí yípo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí mú wá nìkan ni. Ó fi KING wá àwọn mẹ́ta. Ó fi àwọn mẹ́ta wá àwọn mẹ́jọ. Nínú mẹ́jọ yìí, SCOTT àti FORD nìkan ló lọ́mọọṣẹ́, ó sì rí ADAMS àti SMITH. Ó fi àwọn méjì yìí wá, kò rí ẹnì kankan, ó sì dúró. Ẹnì kan, mẹ́ta, mẹ́jọ, méjì: mẹ́rìnlá pé. Òfo tó bá pàdé ló ń dá a dúró, kò sẹ́ni tó sọ iye ìpele fún un.

Torí pé yípo kọ̀ọ̀kan kò mọ èyí tó ń bọ̀, ìlànà náà kì í jẹ́ kó o lo COUNT tàbí SUM lórí igi nínú apá tó ń yí. Iye tó o bá kà ní yípo kẹta lè di irọ́ ní yípo kẹrin, kò sì sí bí ìbéèrè náà ṣe lè pa dà gba ìdáhùn tó ti fún ọ. Parí ìrìn náà ná, kó o tó kà á níta.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ọ̀rọ̀ òbìrí, ìyẹn ọ̀nà tó yí pa dà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan ṣèèṣì kọ nọ́ńbà ADAMS, 7876, sí MGR JONES. Gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé ìbéèrè náà ò ní dúró mọ́. Bó o bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ KING, yóò dúró, ìlà mẹ́sàn-án ló sì máa fún ọ. JONES, SCOTT, FORD, ADAMS àti SMITH ti já kúrò lára igi, kò sì sí ọ̀nà kankan mọ́ láti ọ̀dọ̀ KING dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìgbà tó o bá bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ JONES ni yóò máa yí láìdúró: JONES, SCOTT, ADAMS, JONES. UNION lásán tí kì í gba ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mejì kò lè gbà ọ́ níbẹ̀, torí ipele ti yí pa dà nígbà tí JONES tún dé, ìlà tuntun sì ni lójú rẹ̀. Nítorí náà, máa fi iye ìlà tó jáde wé iye ìlà tó wà nínú emp. Mẹ́sàn-án dípò mẹ́rìnlá ló máa fi hàn ọ́ pé ẹ̀ka kan ti já.

SQL Server gba irú ìbéèrè yìí ní ẹ̀dà 2005, láìkọ RECURSIVE, ó sì ń dá a dúró lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún yípo àyàfi tó o bá yí iye náà pa dà. PostgreSQL gbà á lọ́dún 2009. MySQL kò ní in àfi ní ẹ̀dà 8.0, lọ́dún 2018, ẹgbẹ̀rún kan yípo sì ni òpin tiẹ̀. SQL:1999 tiẹ̀ ti pèsè CYCLE, tó ń rántí àwọn tá a ti gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá kó má bàa tún padà síbẹ̀. Ọdún 2021, ní ẹ̀dà 14, ni PostgreSQL tó ní i. Ìlà méjì yìí ló máa rọ́pò ìlà méjì tó gbẹ̀yìn nínú ìbéèrè wa:

```sql
) CYCLE empno SET obiri USING ona
SELECT * FROM igi WHERE obiri;
```

Bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ JONES tó wà nínú òbìrí yẹn, ìlà tó máa jáde ni ti JONES tó dé lẹ́ẹ̀kejì, pẹ̀lú ona tó gbà: 7566, 7788, 7876, 7566. Nọ́ńbà kẹta ni ti ẹni tí wọ́n ṣèèṣì kọ sí MGR JONES.