Níbo Ni Dọkumẹ́ńtárì Ti Há? Bí A Ṣe Ń Tọpasẹ̀ Fídíò Gígùn Tí Kò Kọjá Àyẹ̀wò YouTube

Ká ní àwọn kan ní Ọ̀yọ́ ya dọkumẹ́ńtárì nípa àwọn tó ń fín igbá. Ó gùn tó wákàtí kan àti ogójì ìṣẹ́jú, fáìlì rẹ̀ sì tó 18 GB. Wọ́n fi gbogbo òru gbé e sórí YouTube. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti wọlé tán pátápátá, àmọ́ ibi tí wọ́n kọ Checks sí, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, kò tíì mú èsì wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n tún un gbé. Owó dátà 18 GB kì í ṣe owó àfiṣeré, ó sì ṣeé ṣe kí fáìlì kejì há síbi tí àkọ́kọ́ há sí.

Ìpele mẹ́ta ni fídíò ń gbà kọjá. Ó kọ́kọ́ ń wọlé. Lẹ́yìn náà, YouTube á tún un dà sí oríṣiríṣi ìwọ̀n, èyí tó kéré, tí wọ́n ń pè ní SD, ló sì ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àyẹ̀wò ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tó lè rí nǹkan kan yẹ̀ wò. Nítorí náà, tí àyẹ̀wò bá dákẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀bi náà máa ń wà ní ìpele tó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe lára rẹ̀.

Ẹni tó ni fídíò náà lè béèrè ipò rẹ̀ gan-an. Nínú YouTube Data API, ọ̀nà tí ètò kọ̀ǹpútà ń gbà béèrè nǹkan lọ́wọ́ YouTube, ní ojú ìwé videos.list, ibì kan wà tí èèyàn ti lè dán an wò láìkọ kóòdù kankan. Àkáǹtì tó ni fídíò ni kó fi wọlé, nítorí processingDetails kì í fara han àlejò. Kó kọ part báyìí, kó sì fi àmì mọ́kànlá tó wà lẹ́yìn watch?v= ṣe id:

```
part=status,processingDetails
```

Tí uploadStatus bá jẹ́ uploaded, tí processingStatus sì jẹ́ processing, iṣẹ́ ṣì ń lọ, sùúrù ló kù. Tí uploadStatus bá jẹ́ rejected, rejectionReason á sọ ìdí rẹ̀. Èyí tó máa ń bá àkáǹtì tuntun ni length: ẹni tí kò tíì fi nọ́ńbà fóònù jẹ́rìí àkáǹtì rẹ̀ kò lè kọjá ìṣẹ́jú 15. Ẹni tó ti jẹ́rìí lè dé wákàtí 12 tàbí 256 GB, èyí tó bá kọ́kọ́ pé.

Àmọ́ ti igbá fínfín yìí, èyí ni wọ́n rí:

```
"uploadStatus": "failed",
"failureReason": "invalidFile"
```

Fáìlì wọn gan-an ló bàjẹ́. Kí wọ́n tó fi ẹ̀sùn kan nẹ́tíwọ̀kì, kí wọ́n fi ffprobe, irinṣẹ́ FFmpeg tó ń ka ohun tó wà nínú fáìlì fídíò, yẹ fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà wò:

```
ffprobe igba.mp4
```

Tó bá dáhùn pé moov atom not found, ọ̀rọ̀ ti yé ni. Nínú MP4, moov ni àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí àwòrán àti ohùn kọ̀ọ̀kan wà. Ìparí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń kọ ọ́ sí. Tí iná bá lọ nígbà tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ jáde láti inú ẹ̀rọ ìṣàtúntò, tí jẹnẹrétọ̀ kò sì tètè dìde, fáìlì á tóbi, àkọsílẹ̀ yìí kò sì ní sí nínú rẹ̀. Kí wọ́n tún iṣẹ́ náà gbé jáde nìkan ló kù, kí ffprobe sì fi Duration tó pé hàn kí wọ́n tó náwó sí dátà.

Fáìlì kejì kọjá, uploadStatus di processed, àyẹ̀wò sì ṣẹlẹ̀ lótìítọ́. Ó wá rí orin kan. Nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń fín igbá, rédíò ń kọrin lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹni tó rántí pa á. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí ti àkọ́kọ́: fídíò kò bàjẹ́, ẹnì kan ló ń sọ pé orin òun ni. YouTube Studio, ibi tí ẹni tó ni fídíò ti ń bójú tó o, á fi ìṣẹ́jú tí orin bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn, pẹ̀lú ohun tó máa tẹ̀lé e: bóyá ẹni tó ni orin á máa gba owó ìpolówó, tàbí wọn á dí fídíò náà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè kan.

Kò sí ìdí láti tún un gbé. Trim á gé ibẹ̀ kúrò, Mute á sì pa ohùn rẹ̀. Tí èèyàn bá sọ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti lò ó, ó lè fi Dispute ṣàtakò, ẹni tó ni orin sì ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Fún ṣọ́ọ̀bù yìí, èyí tó dáa jù ni yíyan kí wọ́n pa orin nìkan, kí ohùn oníṣẹ́ ọwọ́ lè kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í fi gbogbo ìgbà yọ orin kúrò láìfọwọ́ kan ọ̀rọ̀. Àtúnṣe náà máa ń pẹ́ fún fídíò gígùn, ẹ̀dà àtijọ́ ni àwọn èèyàn á sì máa rí títí yóò fi parí, nítorí náà Private ni kó wà ní gbogbo àkókò yìí. Lẹ́yìn náà, líǹkì rẹ̀ kò yí padà.