Bí "Ṣọ́ra" Ṣe Di Mẹ́rin Lára Ẹ̀rọ

Àbúrò mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi. Ọ̀kan jẹ́ ti àwo irin ìkìlọ̀ ara ayùn ẹ̀rọ àtijọ́ kan ní sọ́míìlì. Èkejì jẹ́ ti kọ̀ǹpírésọ̀ tuntun. CAUTION ni wọ́n kọ sórí méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yí i sí Yorùbá, kí àwọn ọmọṣẹ́ lè kà á."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ohun tí àwo méjèèjì ń sọ yàtọ̀, ìtàn ló sì fà á.

Nínú òfin àmì ìdáàbòbò tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, ìyẹn Z35.1 ti 1968 láti ọwọ́ ANSI, àjọ tó ń gbé ìlànà kalẹ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ méjì ló gbajúmọ̀ fún ewu: DANGER àti CAUTION. DANGER wà fún ewu tó wà nílẹ̀ gan-an ní ojú ẹsẹ̀. CAUTION wà fún ewu tó lè ṣẹlẹ̀ àti fún ìwà àìbìkítà. Kò sẹ́ni tó sọ pé CAUTION gbọ́dọ̀ jẹ́ ọgbẹ́ kékeré. Ayùn tó lè gé ọwọ́ sọnù lè jókòó sábẹ́ CAUTION láìrú òfin kankan.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bíi FMC àti Westinghouse ló wá ṣe ìwé tiwọn, tí wọ́n fi WARNING sáàárín àwọn méjèèjì. Ìwé ti Westinghouse jáde ní 1981. Nígbà tó di 1991, ANSI Z535 sọ ọ́ di ìlànà gbogbogbòò. Láti ìgbà náà, DANGER túmọ̀ sí pé bí o kò bá yẹra, yóò pa ọ́ tàbí kó ṣe ọ́ léṣe gidigidi. WARNING túmọ̀ sí pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. CAUTION wá sọ̀ kalẹ̀: ó lè ṣe ọ́ léṣe díẹ̀ tàbí níwọ̀nba. NOTICE kò kan ara ènìyàn rárá, ohun ìní ló sábà ń dáàbò bò.

Ẹ wo ibi tí gbogbo ìyàtọ̀ DANGER àti WARNING dúró sí: "yóò" àti "lè". Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń ṣìṣe ní Yorùbá. Ní ṣọ́ọ̀bù, a máa ń sọ pé "iná ń pani", ọ̀rọ̀ náà sì ti gbé àwọn méjèèjì mì. Èmi máa ń kọ EWU, ÌKÌLỌ̀, ÌṢỌ́RA àti ÀKÍYÈSÍ, mo sì máa ń jẹ́ kí "yóò" àti "lè" dúró sí àyè wọn. Mi ò jẹ́ kọ "Ikú ń bẹ!" sórí WARNING nítorí pé ó dùn létí.

Báwo la ṣe ń mọ àwo àtijọ́ nínú fọ́tò? Onígun mẹ́ta tó ní àmì ìyanu nínú, tó ṣáájú ọ̀rọ̀ náà, ti ìlànà tuntun ni. DANGER àtijọ́ sábà máa ń wà nínú ohun pupa tó rí bí ẹyin, lórí ilẹ̀ dúdú. Má gbára lé àwọ̀ nìkan: àwọ̀ ọsàn tó jẹ́ ti WARNING lè dà bí ìyeyè ti CAUTION lábẹ́ gílóòbù, oòrùn sì máa ń pa àwọ̀ pupa rẹ́. Mo máa ń ní kí wọ́n ya gbogbo àwo náà tetí-tetí, ní ọ̀sán.

Àwo tí Faransé wà lára rẹ̀, tó ń ti Kútọnu wọlé, ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Lára ẹ̀rọ, AVERTISSEMENT ni WARNING, ATTENTION sì ni CAUTION. Ṣùgbọ́n lára kẹ́míkà, ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà, DANGER àti ATTENTION, ATTENTION yìí sì ni WARNING ti Gẹ̀ẹ́sì. Jẹnẹrétọ̀ kan àti kẹ́ẹ̀gì kúláǹtì rẹ̀ lè jọ ní ATTENTION, kí ti ẹ̀rọ jẹ́ ÌṢỌ́RA, kí ti kúláǹtì jẹ́ ÌKÌLỌ̀. Àwòrán ló ń tú àṣírí: onígun mẹ́rin funfun tó dúró lórí igun, tí etí rẹ̀ pupa, ti kẹ́míkà ni, onígun mẹ́ta ìyeyè tí etí rẹ̀ dúdú, ti ẹ̀rọ ni.

Fún kọ̀ǹpírésọ̀, mo kọ "ÌṢỌ́RA: Ojú ẹ̀rọ yìí gbóná. Ó lè jó ọ lọ́wọ́." Ó parí síbẹ̀.

Ti ayùn kò rọrùn. ÌṢỌ́RA náà ni mo kọ síbẹ̀, nítorí pé olùtumọ̀ kọ́ ló ń gbé ìpele ewu ga. Àmọ́ mo kọ ìwé kékeré mìíràn sí àbúrò mi, lọ́tọ̀: "Àwo yìí ti pẹ́ ju 1991 lọ. CAUTION rẹ̀ kò túmọ̀ sí ọgbẹ́ kékeré. Sọ fún ọ̀gá sọ́míìlì, kí òun fúnra rẹ̀ pinnu bóyá kó lẹ àwo tuntun." Ọjọ́ kejì ló fèsì pé ọ̀gá ní kí òun kọ́kọ́ wá ìbòrí ayùn náà, tó ti sọnù tipẹ́.