Nígbà Tí Ọjà Ilé-Iṣẹ́ Bá Mú Aráàlú Ṣàìsàn: Bí A Ṣe Ń Yan Ọ̀rọ̀ Tí A Ó Sọ

Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ń ṣe píọ̀ wọ́tà ní Kàbà, tó sì ń tà á dé Ìyàrà àti Ìsánlú. Láàárín ọjọ́ méjì, ìgbẹ́ gbuuru mú ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé, omi kan náà sì ni gbogbo àwọn ìyá ń dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ nípa orúkọ rere ilé-iṣẹ́. Ẹni tí omi náà ṣì wà nílé rẹ̀ ni kó dáàbò bò: “Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ má mu omi tí déètì báyìí báyìí wà lára ọ̀rá rẹ̀ mọ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á fún yín, ẹ ó gba owó yín. Ẹni tí inú bá ń yọ lẹ́nu, kó tètè lọ sí ọsibítù.” Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n bá àwọn ìdílé kẹ́dùn. Gbogbo èyí ṣeé sọ kí a tó mọ ohun tó fà á.

Timothy Coombs, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà tó gbé ìlànà kalẹ̀ lórí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń yan ọ̀rọ̀ nígbà wàhálà, ní bí aráàlú bá ṣe di ẹ̀bi ru ilé-iṣẹ́ tó ni kí ìdáhùn ṣe wúwo tó. Bó bá jẹ́ pé oníjìbìtì kan ló ń rọ omi kànga sínú ọ̀rá ayédèrú, wọ́n ṣe ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ níbi ni. Kó fi ìyàtọ̀ ọ̀rá méjèèjì han aráàlú. Bí gílóòbù tó ń pa kòkòrò inú omi bá jó láìsí ẹni tó mọ̀, èèṣì ni. Kó ṣàlàyé bó ṣe bàjẹ́ àti ohun tó ti pààrọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá mọ̀ pé ó ti jó, tó ní kí wọ́n ṣáà máa tà, kò sí àlàyé mọ́: kó tọrọ àforíjì ní gbangba, kó sì san owó ìtọ́jú. Bí irú rẹ̀ bá sì ti ṣẹlẹ̀ rí, aráàlú kò ní gbà á sí èèṣì. Kí ìdáhùn gòkè ní ìpele kan.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni pé ọ̀gá máa ń mú èyí tó fúyẹ́ jù. Á ní àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, tó ti kìlọ̀ fún un lóṣù tó kọjá, ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ó sì ti sọ fún ìyàwó rẹ̀. Irọ́ á wá gorí àìsàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó sẹ́ ohunkóhun, kí wọ́n ṣí ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ, kí wọ́n bi àwọn òṣìṣẹ́ pé ta ló mọ̀, ìgbà wo ló sì mọ̀.

Ẹni tí kò jẹ̀bi gan-an kì í torí ìyẹn fi ọjà sílẹ̀ nígboro. Ní 1982, ẹnì kan fi májèlé sínú oògùn Táílẹ́nọ́ọ̀lù ní agbègbè Ṣikágò, èèyàn 7 sì kú. Wọn kò rí ẹni náà mú, ilé-iṣẹ́ kọ́ ló sì fi í síbẹ̀, síbẹ̀ ó kó ìgò bíi mílíọ̀nù 31 padà.

Títí èsì àyẹ̀wò á fi dé, kí ilé-iṣẹ́ Kàbà yìí má fẹ̀bi kan ẹnikẹ́ni, kó má sì dá ara rẹ̀ láre. Kó dá aago tí yóò tún sọ̀rọ̀, bíi mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, kó sì sọ̀rọ̀ láago náà, bí èsì kò bá tilẹ̀ tíì jáde.