Bí ìwé ìwádìí gígùn ṣe ń di ojú ewé kan fún àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́

Ìpinnu tó yẹ kí òun ṣe ni ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń wá nínú ìwé ìwádìí, nítorí náà ẹni tó fẹ́ gé e kúrú fún un gbọ́dọ̀ ti kọ ìbéèrè ọ̀gá náà sílẹ̀ kó tó ṣí PDF rárá. Àpẹẹrẹ kan ni ìwádìí tí Nicholas Bloom àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2015, nípa àwọn tó ń gba ìpè oníbàárà ní Ctrip, ilé-iṣẹ́ ètò ìrìn-àjò ní Ṣáńgháì. Ìbéèrè ọ̀gá ni pé: ṣé kí àwọn òṣìṣẹ́ wa máa ṣiṣẹ́ láti ilé?

Àkótán tó wà níwájú ìwé náà sọ pé iṣẹ́ àwọn tó wà nílé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgékúrú ti ń ṣìnà, nítorí pé iye náà nìkan ni wọ́n ń gbé lọ. Apá tó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí ló yẹ kí òǹkàwé kà lẹ́yìn àkótán. Àtúnyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn onímọ̀ mìíràn lè dúró. Nínú àlàyé bí wọ́n ṣe ṣe ìwádìí náà ni òǹkàwé yóò ti rí i pé nínú òṣìṣẹ́ 996, àwọn 503 ló fẹ́ lọ sílé, àwọn 249 péré ló sì kún ojú òṣùwọ̀n: wọ́n ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ní yàrá tiwọn àti íńtánẹ́ẹ̀tì tó yára. Àwọn tí déètì ọjọ́ ìbí wọn jẹ́ iye tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba ló ń ṣiṣẹ́ nílé fún ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ karùn-ún, fún oṣù mẹ́sàn-án.

Gbólóhùn àgékúrú yóò wá jẹ́: "Láàárín àwọn tó fúnra wọn yọ̀ǹda tí wọ́n sì yẹ, iṣẹ́ pọ̀ sí i ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 9 nínú rẹ̀ wá láti inú pé ìsinmi àti àìsàn kò gba àkókò wọn tó ti tẹ́lẹ̀, ìdá 4 tó kù sì jẹ́ ìpè tó pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú kan." Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò ṣini lọ́nà.

Èsì tí kò dùn kò gbọ́dọ̀ sọnù nítorí àyè: bí iṣẹ́ ẹni méjì bá dọ́gba, ẹni tó wà nílé kì í tètè rí ìgbéga. Èyí tó sì wúlò jù lọ fún ìpinnu wà lẹ́yìn ìdánwò náà, nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú yan ibi tó wù ú. Èyí tó ju ìdajì lọ pààrọ̀ ibi, ìbísí iṣẹ́ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìdáhùn tó yẹ kó wà lókè ojú ewé ni pé kí wọ́n dán an wò, kí wọ́n sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yàn.

Kí àgékúrú náà tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́, ẹlòmíràn yóò fi Ctrl+F wá gbogbo iye inú rẹ̀ nínú PDF. Tí a bá ṣe ẹ̀dà tábìlì láti inú PDF, àwọn òpó rẹ̀ lè dàpọ̀, àmì ìyọkúrò sì lè bọ́, tí àdánù yóò fi dà bí èrè.