Àgbéyẹ̀wò ìtàn ìdàgbà: kí ni ó ń sọ ìdájọ́ di òtítọ́?

Àgbéyẹ̀wò ìwé ni àkọsílẹ̀ kúkúrú tí ẹni tí ó ti ka ìwé kan fi ń sọ fún ẹni tí kò tíì kà á bí òǹkọ̀wé ti ṣe iṣẹ́ tí ó dáwọ́ lé, àti bóyá ó yẹ kí ẹni náà wá àyè kà á. Bí ìwé náà bá jẹ́ ìtàn ìdàgbà, ìyẹn ìtàn tí ó tẹ̀lé ọmọ kan láti abẹ́ ìyá àti bàbá rẹ̀ títí dé ìgbà tí ó ń fi ojú ara rẹ̀ wo ayé, ìbéèrè kan ṣáájú gbogbo ìyókù: ǹjẹ́ ọmọ náà yí padà níṣojú wa, àbí òǹkọ̀wé kàn sọ fún wa pé ó ti yí padà?

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kétu sábà máa ń gbàgbé ìbéèrè yìí, á sì máa tún ìtàn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn a máa dá ọmọ inú ìtàn lẹ́jọ́ dípò ìwé, wọ́n á ní ìwé kò dára nítorí pé ọmọ náà ṣàìgbọràn sí ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ṣe àṣìṣe kankan kò ní ibi tí yóò dàgbà sí.

Ẹ jẹ́ kí á wo L'Enfant noir, ìwé tí Camara Laye ará Gini tẹ̀ jáde ní 1953, tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ilẹ̀ tí ń sọ Faransé ti kà. Àgbàlagbà ni ó ń sọ ìtàn náà, nípa ìgbà èwe ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ìlú Kouroussa. Ní alẹ́ Kondén Diara, ìyẹn ayẹyẹ tí a fi ń dán ìgboyà àwọn ọmọ wò, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tí a kò tíì dá abẹ́ fún lọ sínú igbó, àwọn ọmọ náà kúnlẹ̀, wọ́n di ojú, ohùn bíi ti kìnnìún sì ń bú ramúramù yí wọn ká. Bàbá ọmọ náà ti sọ fún un ṣáájú pé kí ó borí ẹ̀rù rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ó tó mọ ibi tí ohùn náà ti ń wá. (Ẹni tí ó bá mọ Orò ní ilẹ̀ wa kò nílò kí n ṣàlàyé jù báyìí lọ.) Olùyẹ̀wò tí ó kọ pé “ọmọ náà ní ìgboyà” kò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn ni pé ẹ̀rù ọmọ àti ìmọ̀ àgbàlagbà wà nínú orí ìwé kan náà, tí ọ̀kan kò sì fi èkejì ṣe yẹ̀yẹ́. Níbẹ̀ ni ìyípadà náà ti ṣẹlẹ̀ níṣojú wa.

Àtakò ńlá tún wà tí olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Mongo Beti, òǹkọ̀wé ọmọ Kamẹrúùnù, bá ìwé náà wí pé ó ya Áfíríkà bí ibi àlàáfíà, ó sì di ojú sí ìjọba amúnisìn. Kì í ṣe dandan kí olùyẹ̀wò sọ àtakò náà di ìdájọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó béèrè bóyá àìsí ọ̀rọ̀ ìjọba náà ba ìdàgbà ọmọ yìí jẹ́. Ní tèmi, kò ba àwọn orí tí ó sọ nípa Kouroussa jẹ́, nítorí iná alágbẹ̀dẹ àti ìyá rẹ̀ ni ọmọdé ń rí. Ó ba ìparí jẹ́ díẹ̀, torí pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn amúnisìn ni ó gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà lọ sí Faransé, òun fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó fi ìbínú ké.

Ìdájọ́ tí ó hàn kedere lè rí báyìí: “Ẹ kà á, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi ilé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá fún ẹ̀kọ́. Àwọn orí ìgbà èwe fi bí ọmọ ṣe ń di ènìyàn hàn lọ́nà tí ó wọni lọ́kàn. Ìlọkúrò rẹ̀ yá jù, èrò inú rẹ̀ kò sì hàn tó.” Gbólóhùn mẹ́ta yìí sọ ẹni tí ìwé wà fún, ohun tí ó mú un dára àti ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. “Ìwé náà dára, ṣùgbọ́n ó lè dára jù báyìí lọ” kì í ṣe ìdájọ́, nítorí kò sí ìwé tí a kò lè sọ bẹ́ẹ̀ sí. Bí ìwé bá sì jẹ́ tuntun, kí olùyẹ̀wò dúró ṣáájú ìparí rẹ̀, kí ó má baà gba adùn náà lọ́wọ́ ẹni tí yóò kà á.

Kí olóòtú tó gba àgbéyẹ̀wò wọlé, kí ó fi ọwọ́ bo ìdájọ́ náà, kí ó ka ìyókù. Bí kò bá lè mọ ibi tí olùyẹ̀wò ń lọ láti inú àwọn àpẹẹrẹ tí ó mú wá, kí ó dá a padà fún un kí ó lọ wá àpẹẹrẹ sí i.